Ohun Tí Mosúnmọ́lá Kà fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Títí Mosúnmọ́lá fi lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, kò mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà tí èèyàn lè gbà ka ìwé ju kí ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè kí ó sì parí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ìyá wọn ti kú kí Mosúnmọ́lá tó jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá wọn kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àlàní, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nídìí iṣẹ́ tẹ́lọ̀ ní Ìlọrà, ló mú àbúrò rẹ̀ sọ́dọ̀. Nírọ̀lẹ́, bí ó bá ń rán aṣọ, yóò ní kí ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kí ó máa kàwé sókè. Bí ó bá fo ìlà kan, ẹsẹ̀ Àlàní á dúró lórí ẹ̀rọ.

"Padà sẹ́yìn," ni yóò wí. "Ẹni tó kọ ọ́ kò fi ìlà yẹn ṣeré."

Bẹ́ẹ̀ ni Mosúnmọ́lá ṣe kàwé títí ó fi di tíṣà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Fìdítì, níbi tí ó ń gbé. Àlàní ṣì wà ní Ìlọrà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Olúwafúnkẹ́, àti ọmọbìnrin wọn, Fèyí. Kò sí ilé ìwé káàkiri agbègbè náà tí kò ti rán aṣọ àwọn ọmọ wọn rí. Òun náà ló ń ti Mosúnmọ́lá pé kí ó padà sí yunifásítì. Ó ń tì í lọ́dọọdún, àfi ìgbà tí ó gbà. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìbàdàn gbà á láti wá kọ́ ẹ̀kọ́ oyè kejì lórí àrùn tó ń bá ewé igi ọsàn jà. Ọsàn sì ni Fìdítì fi ń pe ara rẹ̀ ní Fìdítì.

Ohun tó kọ́kọ́ kò ó lójú níbẹ̀ ni àpilẹ̀kọ ìwádìí. Wọn kò dà bí ìwé tó ti ń kà látilẹ̀ wá. Àwọn onímọ̀ ń kọ ọ́ sí ara wọn ni, nínú àwọn jọ́nà tí ń gbé ìwádìí jáde, gbólóhùn kan lè gùn kó gba ìdajì ojú ìwé, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ a sì le bí eegun. Àwọn olùkọ́ á kó bíi mélòó kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n kà á wá sí kíláàsì. Mosúnmọ́lá á mú àkọ́kọ́, á fi bírò pupa sàmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò bá yé e, á wá a nínú ìwé atúmọ̀, á tún gbólóhùn náà kà. Nígbà tí ọjọ́ kíláàsì bá fi máa pé, kò tíì ka àkọ́kọ́ dé ìdajì.

Ọjọ́ tí ó kàn án láti sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì, ó dìde, ó sì ń ṣàlàyé bí àrùn náà ṣe bẹ̀rẹ̀, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, àti ohun tí àwọn ará àtijọ́ wí nípa rẹ̀. Obìnrin tó ń kọ́ wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀pádọ̀tun, jẹ́ kó sọ ọ́ fúngbà díẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Àwọn tó kọ àpilẹ̀kọ yìí ńkọ́, kí ni wọ́n rí?"

Mosúnmọ́lá wo bébà ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. N kò tíì dé ibẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dùn ún jù. Nígbà tí kíláàsì parí, Ọ̀jọ̀gbọ́n pè é sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó sì ní kí ó jókòó.

"Bí wọ́n bá fẹ́ ta ilẹ̀ fún ọ ní Fìdítì," ló bi í, "ṣé ọkọ́ lo máa kọ́kọ́ gbé lọ síbẹ̀?"

"Rárá, mà. Mo máa kọ́kọ́ rìn yí i ká."

"Kí ló wá dé tí o ń roko lórí gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n bá fi hàn ọ́?" Ó fa àpilẹ̀kọ kan jáde nínú àwọn tó wà lórí tábìlì. "Kó o tó ṣí i, mọ ohun tí o ń wá. Kọ ìbéèrè rẹ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ka àkópọ̀ tó wà lókè yìí. Ìpínrọ̀ kan péré ni. Fò lọ sí ẹ̀yìn, ka àgbálọgbábọ̀, kí o mọ ibi tí wọ́n gúnlẹ̀ sí. Kí o wá padà sí àárín, síbi tí wọ́n ti sọ ìlànà ìwádìí wọn. Ta ni wọ́n ṣe é lé lórí, àbí kí ni? Wọ́n pọ̀ tó? Báwo ni wọ́n ṣe yàn wọ́n? Kí ni wọ́n fi wé? Ṣé wọ́n dúró pẹ́ tó kí wọ́n tó ní àwọn rí nǹkan? Bí o bá ti rìn yí i ká báyìí, o ti mọ̀ bóyá ilẹ̀ rẹ ni tàbí ilẹ̀ ẹlòmíràn."

"Ṣé kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ nìyẹn, mà?"

"Ìmẹ́lẹ́ ni bí o bá dúró síbẹ̀. Èyí tó bá dáhùn ìbéèrè rẹ, jókòó tì í, kà á látòkè délẹ̀, fi bírò pupa rẹ pọ́n ọn lójú. Èyí tí kò bá dáhùn, fi í sílẹ̀. Ọjọ́ ayé wa kò tó láti ka gbogbo rẹ̀." Ó wò ó díẹ̀. "Ohun kan sì wà. Ẹnu àkópọ̀ máa ń dùn. Àwọn tó kọ ọ́ fẹ́ kí á ka iṣẹ́ wọn. Inú ìlànà ni kí o ti lọ wo ohun tí wọ́n ṣe gan-an."

Ó ṣòro fún un níbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá fo ìpínrọ̀ kan ni ara rẹ̀ ń kọ̀ ọ́, bí ẹni tó ń gba ẹ̀yìn wọlé onílé. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ìsinmi ọlọ́jọ́ pípẹ́, ó ti mọ́ ọn lára. Nínú ọkọ̀ láti Fìdítì dé Òjòó, á ti rìn yí àpilẹ̀kọ mélòó kan ká, á ti mọ èyí tó yẹ kí ó gbé sọnù, èyí tó yẹ kí ó tọ́jú, àti ọ̀kan ṣoṣo tó yẹ kó jókòó tì. Nígbà tó sọ ọ́ fún Àlàní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ bíi ti àtijọ́.

"Àwọn ìlà tí o ń fò ńkọ́?"

"Mo ń padà sí wọn, Bọ̀ọ̀dá, bí wọ́n bá tó bẹ́ẹ̀."

Àlàní mi orí. Inú rẹ̀ dùn, bó tilẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbà.

Ọdún yẹn náà ni sísọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ Àlàní. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ kọ iṣẹ́. Ó rò pé ọjọ́ ogbó ni, ó fi òrí pa á. Kò pẹ́ tí ẹran ìdí àtàǹpàkò náà fi jó rẹ̀yìn, ibẹ̀ wá jìn bí ojú kòtò. Kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, Olúwafúnkẹ́ ló ń bá a ṣe é. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ òsì. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ń wọ́ ọ. Wọ́n lo àgbo, wọ́n gba àdúrà ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì Olúwafúnkẹ́, wọ́n wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn. Dókítà tẹ̀ ẹ́ níbí, ó lù ú lóòlù kékeré lọ́hùn-ún, ó fi wáyà sí i lára, ó sì pe àwọn ẹbí jókòó.

Ó ní àrùn náà ń pa àwọn okùn tínrín tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ẹran ara. Bí okùn bá ti kú, ẹran tó ń gbọ́ tirẹ̀ á máa jó rẹ̀yìn. Bó pẹ́ bó yá, yóò dé ọ̀fun, yóò sì dé ibi tí a fi ń mí. Ìrònú rẹ̀ yóò wà pérépéré. Oògùn tó lè wò ó kò tíì sí. Ó ní kí wọ́n padà wá nígbà òjò kí àwọn lè dán èémí rẹ̀ wò.

Ọkọ̀ tí wọ́n bá padà kọjá Fìdítì, Mosúnmọ́lá gbàgbé láti bọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé Ìlọrà ni Àlàní tó lanu.

"Dókítà kan ni ìyẹn," ló wí. "Ìwọ ń ka iṣẹ́ gbogbo wọn. Bá mi wò ó."

"Mo máa wò ó, Bọ̀ọ̀dá."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá àwọn tíṣà tí gbogbo wọn ti lọ sílé tán. Ó kọ ìbéèrè rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé bó ṣe máa ń ṣe: *Kí ló lè wò ó?* Ó wá àwọn àpilẹ̀kọ lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Wọ́n pọ̀ bí eṣú.

Ẹ̀kọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ ọ kò já a kulẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀ràn sì ti dé. Ẹlòmíràn tí ó bá jókòó ti àwọn àpilẹ̀kọ wọ̀nyẹn láti òkè délẹ̀ ì bá fi ọdún kan gbáko máa retí. Mosúnmọ́lá kò ní àǹfààní yẹn. Á ka àkópọ̀, ọkàn rẹ̀ á fò sókè. Á ka àgbálọgbábọ̀. Á dé inú ìlànà, á bá eku níbẹ̀. Eku ni wọ́n fún ní oògùn náà, kì í ṣe èèyàn. Á gbé e sọnù, á mú òmíràn. Èyí jẹ́ èèyàn, wọ́n sì pọ̀, wọ́n pín wọn sí méjì bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé àwọn tó lo oògùn àti àwọn tí kò lò ó, ibì kan náà ni wọ́n já sí. Òmíràn rèé, oògùn náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ àdínkù díẹ̀ ló mú bá eré tí àrùn náà ń sá, kò wò ó. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kò sọ̀rọ̀ oògùn rárá: bí aláìsàn ṣe ń jẹun, bó ṣe ń mí, bí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣe ń rí i. Ìyẹn kò dáhùn ìbéèrè tó kọ sílẹ̀. Ó fi wọ́n sí àwọn tó yẹ kí ó gbé sọnù.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti mọ̀. Kò sí.

Ó lọ sí Ìlọrà láti lọ sọ fún un, kò lè sọ ọ́. Ó ní òun ṣì ń wò ó. Àlàní ní kò burú, kí ó má kánjú.

Uthman, ọmọ àbúrò ìyá wọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀yọ́, ló fi àpilẹ̀kọ kan ránṣẹ́ sí Olúwafúnkẹ́ lórí fóònù. Olúwafúnkẹ́ kò lè dúró dìgbà tí Mosúnmọ́lá máa wá. Ó gun ọ̀kadà wá bá a ní Fìdítì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka eléyìí," ló wí. "Uthman ní wọ́n ti rí nǹkan."

Mosúnmọ́lá gba fóònù náà, ó ka àkópọ̀ rẹ̀ lórí ìdúró. Oògùn tuntun ni. Àrùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lójú kan lára àwọn tó lò ó, bẹ́ẹ̀ ni àkópọ̀ wí.

"Ṣé òótọ́ ni, Àǹtí?"

"Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, Ìyá Fèyí."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ fún un?"

Mosúnmọ́lá mọ ibi tó yẹ kí ojú òun lọ lẹ́yìn àkópọ̀ yẹn. Ojú ìwé méjì sísàlẹ̀ péré ni. Kò lọ síbẹ̀. "Ẹ sọ fún un," ló wí.

Ó tẹ àpilẹ̀kọ náà sórí bébà, ó mú bírò pupa rẹ̀ àtijọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìlà àkọ́kọ́. Ó ka bí àrùn náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ka orúkọ àwọn tó ti kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá le, á wá ìtumọ̀ rẹ̀, á kọ ọ́ sí etí ìwé. Ìpínrọ̀ kan lóòjọ́, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sún mọ́ ibi tí wọ́n kọ ìlànà ìwádìí sí, á rí ìdí tó fi yẹ kí òun padà tún òkè kà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ni, kò yẹ kí òun fi ìkánjú ṣe é.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ara Àlàní yá. Ẹ̀mí ló yá o, kì í ṣe ẹran ara. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jáde kí wọ́n fi epo sí i. Ó ń bá Fèyí sọ bí wọn yóò ṣe rán aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọjọ́ tí dókítà dá fún wọn pé, Olúwafúnkẹ́ bi Àlàní bóyá kí wọ́n máa lọ.

"Kí la fẹ́ lọ ṣe?" ni Àlàní wí. "Ìdánwò èémí? Bí oògùn yẹn bá dé, a ó kúkú lọ gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Mosúnmọ́lá ń kà á lọ́wọ́."

Wọn kò lọ.

Òjò ń bọ̀, òjò ń lọ. Ohùn Àlàní bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Lárààárọ̀ ni ó máa ń sọ pé orí ń fọ́ òun. Oorun òru kò dá a lára mọ́. Bí ó bá sùn, á ta jí bí ẹni tí wọ́n tì sómi. Lójú ọ̀sán, á máa tòògbé lórí àga. Mosúnmọ́lá wá lọ́jọ́ Sátidé kan, ó bá a báyìí, orí rẹ̀ dorí kodò, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe ń jà fún afẹ́fẹ́. Ó jókòó tì í. Ó yọ àpilẹ̀kọ náà nínú báàgì, ó sì ṣí i sí ibi tó ti ń sá fún.

Kò gbà á ju ìgbà tí èèyàn fi máa bó ọsàn kan lọ. Àwọn tó lo oògùn náà kò pọ̀, ọwọ́ lè kà wọ́n. Gbogbo wọn ló lò ó. Kò sí ẹnì kankan tí wọ́n fi wé wọn. Oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi wò wọ́n. Àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ni wọ́n yàn, tí èémí wọn ṣì lágbára. Ẹni tí èémí rẹ̀ bá ti rẹ̀yìn, wọn kò gbà á. Nínú àgbálọgbábọ̀, àwọn tó kọ ọ́ fúnra wọn sọ ọ́ kedere pé kò sẹ́ni tó lè ti ara èyí sọ pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́, pé ìwádìí tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ó kù. Wọn kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àlàní ti jí, ó ń wò ó.

"O ti kà á tán," ló wí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n Mosúnmọ́lá gbọ́ ọ.

"Mo ti kà á tán, Bọ̀ọ̀dá."

"Kì í ṣe tiwa."

"Kì í ṣe tiwa." Omi ti bọ́ lójú rẹ̀. "Ọjọ́ tó dé ni ó yẹ kí n ti mọ̀. Ibi tí mo máa wò nìyí, n kò wò ó. Mo ní kí wọ́n sọ fún yín."

Àlàní mí, ó sinmi, kí ó tó lè tún sọ̀rọ̀. "Èmi mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. O kì í pẹ́ lórí ìwé tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mosúnmọ́lá fi ọwọ́ bo ojú.

"Má sunkún," ni Àlàní wí. "Inú mi dùn nígbà yẹn. Mo fi epo sí ẹ̀rọ mi." Ó tún sinmi. "Àmọ́ mi ò lè sùn. Àwọn ìwé yẹn, ṣé wọn ò sọ̀rọ̀ oorun? Oorun ni mo fẹ́."

Mosúnmọ́lá kò padà sí Fìdítì lọ́jọ́ náà. Ó yá yàrá Fèyí, ó ṣí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì fa ìlà sórí ìbéèrè tó ti kọ tẹ́lẹ̀. Ó kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀: *Kí ló lè jẹ́ kí ó sùn, kí ó sì mí?* Lẹ́yìn náà, ó padà sí àárín àwọn tó ti gbé sọnù.

Ó bá a níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí kò fún ní ìṣẹ́jú méjì. Àkópọ̀ rẹ̀ kò dùn létí. Kò ṣèlérí nǹkan ńlá. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń fi ìbòmú rẹ̀ sí aláìsàn nímú bó bá fẹ́ sùn, tí ń bá a ti afẹ́fẹ́ wọlé. Ó lọ sí àgbálọgbábọ̀, ó lọ sí ìlànà. Èèyàn ni, àwọn tí èémí wọn ti rẹ̀yìn bíi ti Àlàní. Wọ́n pín wọn sí méjì láìmọ ẹni tó máa bọ́ síbì kan, àwọn kan lo ẹ̀rọ, àwọn kan kò lò ó, wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn títí. Ilẹ̀ wọn ni èyí. Ó wá jókòó tì í, ó kà á ní ìlà dé ìlà, kò fo ohunkóhun. Ó rí i pé àwọn tí ọ̀fun wọn kò tíì bàjẹ́ jù ló pẹ́ láyé díẹ̀ sí i. Àwọn tí tiwọn ti bàjẹ́ gan-an kò pẹ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n sùn, orí tó ń fọ́ wọn láàárọ̀ dẹwọ́. Ó rí i pẹ̀lú pé bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ ló dára jù. Gbólóhùn yẹn ló kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé Àlàní lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí Mosúnmọ́lá fi bébà náà han dókítà, ọkùnrin náà wò ó, kò bá a wí.

"Ìdí tí a fi dá ọjọ́ ìdánwò èémí fún yín nìyẹn, mà," ló wí. "Ẹ̀rọ náà wà. Ẹ ò bá ti wá nígbà náà ni."

"A gbọ́, sà," ni Olúwafúnkẹ́ wí. Kò wo Mosúnmọ́lá.

Wọ́n yá wọn ní ẹ̀rọ. Uthman wá bátìrì ńlá tí wọ́n lè máa fi gbé e bí iná bá lọ, nítorí iná kò ní àdéhùn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni ní Ìlọrà. Ó gba Àlàní ní ọjọ́ mélòó kan kí ìbòmú tó bá a lára mu. Lẹ́yìn náà, ó sùn. Olúwafúnkẹ́ ní nígbà tí ó kọ́kọ́ sùn dáadáa, ẹ̀rù ba òun, òun gbé ọwọ́ lé e láyà láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà.

Oorun náà dá nǹkan padà fún un. Orí fífọ́ rọ̀, ojú rẹ̀ là lọ́sàn-án. Ó lè jókòó pẹ̀lú Fèyí kí ó máa fi ojú àti ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀ júwe bí a ṣe ń gé ọrùn aṣọ. Ọmọ náà gé e wọ́, ó tún un gé. Àwọn tó wá kí i ń sọ pé ara rẹ̀ ti ń yá. Mosúnmọ́lá kò bá wọn jiyàn. Ó mọ ohun tí ìwé wí, kò sì tún bẹ ìwé pé kó wí nǹkan mìíràn.

Ó bi Àlàní lẹ́ẹ̀kan bóyá kí òun fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún ọdún yẹn. Àlàní mi orí rẹ̀ díẹ̀, àmì pé rárá. Nítorí náà, bí ó bá wá, ó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kàwé sókè fún un, àwọn àpilẹ̀kọ ewé ọsàn tí kò kan Àlàní lọ́nàkọnà. Bí ó bá fò láti àkópọ̀ lọ sí ẹ̀yìn, Àlàní á gbé ojú sókè wò ó, á sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan tó ṣì ń gbọ́ tirẹ̀.

Ọyẹ́ ti dé nígbà tó kú. Àárọ̀ ni, Olúwafúnkẹ́ ń po ẹ̀kọ lọ́wọ́, ẹ̀rọ náà ń mí, Àlàní kò mí mọ́. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí ìlànà Mùsùlùmí. Àwọn olùkọ́ àgbà láti ilé ìwé tó ti rán aṣọ fún wá, àwọn tẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ náà sì ti ṣọ́ọ̀bù wọn wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀pádọ̀tun wá láti Ìbàdàn ní ọjọ́ kẹjọ. Ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú wọn, kò sọ̀rọ̀ ìwé rárá.

Nígbà tí àlejò tuká, Olúwafúnkẹ́ ń fọ àwo, Mosúnmọ́lá ń nu wọ́n.

"Àǹtí," ni Olúwafúnkẹ́ wí, "ká ní a ti gbé e lọ nígbà òjò, ṣé ì bá ṣì wà?"

Mosúnmọ́lá gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó lè sọ pé àyànmọ́ ni. Gbogbo àwọn tó wá kí wọn ló ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀.

"Bóyá fún ìgbà díẹ̀ sí i," ló wí. "Ọ̀fun rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ nígbà náà. Ohun tó dá mi lójú ni pé kì bá tí jìyà àìsùn yẹn. Èmi ni mo fa ìyẹn, Ìyá Fèyí."

Olúwafúnkẹ́ fi omi ṣan ife kan, ó tún un ṣan.

"Èmi ni mo gbé e wá bá yín," ló wí níkẹyìn. "Mo rí ojú yín lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì kà á. Mo sáré lọ sọ fún un kí ẹ má bàa kà á tán."

Mosúnmọ́lá mú àwo tó kàn, ó ń nù ún. Fèyí wà ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé, ó ń wọn aṣọ fún ìyá kan tó mú ọmọ rẹ̀ wá, nítorí ilé ìwé máa wọlé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.